Èwo Ni Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìí, Èwo Ni Ti Agbẹjọ́rò?

Ní oṣù kẹfà ọdún 1966, Samuel Bronston, ọkùnrin kan tó ń ṣe fíìmù, jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tó wọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn ní Amẹ́ríkà. Ó ti búra pé òótọ́ lòun máa sọ. Agbẹjọ́rò kan tó dúró fún àwọn tí iléeṣẹ́ náà jẹ lówó ń wá ibi tí owó lè wà, ló bá bi í léèrè báyìí:

Ìbéèrè: Ṣé ẹ ní àkáǹtì kankan ní báǹkì Swítsàlandì, Ọ̀gbẹ́ni Bronston?
Ìdáhùn: Rárá, sà.
Ìbéèrè: Ṣé ẹ ti ní in rí?
Ìdáhùn: Iléeṣẹ́ náà ní àkáǹtì kan níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, ní Zurich.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, èmi ni mo tú u sí Yorùbá. Ẹ má mú un bí ẹni pé báyìí gan-an lọ̀rọ̀ ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ tún ìdáhùn kejì yẹn kà. Wọ́n bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti ní àkáǹtì níbẹ̀ rí, ó sọ ti iléeṣẹ́. Òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ ní àkáǹtì ní Zurich. Òótọ́ sì ni pé Bronston kò ní àkáǹtì kankan níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú ìgbà náà, ó ní tirẹ̀ ní báǹkì kan ní Geneva, owó tó lé ní 180,000 dọ́là sì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n fẹ̀sùn jíjẹ́rìí èké lábẹ́ ìbúra kàn án, wọ́n sì dá a lẹ́bi. Nígbà tó di ọdún 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà da ìdájọ́ yẹn nù, ẹnu gbogbo àwọn adájọ́ sì kò lórí rẹ̀. Adájọ́ àgbà Warren Burger ló kọ ìdájọ́ náà. Ohun tó sọ ni pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí jẹ́ òótọ́ ní bó ṣe wà, ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé kò dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í. Agbẹjọ́rò tó ń béèrè ló yẹ kó rí i, kó padà sórí ìbéèrè náà títí ìdáhùn yóò fi ṣe gúnmọ́.

Iṣẹ́ mi ni kíka àkọsílẹ̀ ẹ̀rí irú èyí, kí n sì sọ ọ́ ní ṣókí fún ẹni tí kò ráyè ka gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ àpẹẹrẹ kankan tó fi ewu iṣẹ́ yìí hàn ju ìlà mẹ́rin wọ̀nyẹn lọ. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ ní ṣókí pé, "Bronston sọ pé òun kò ní àkáǹtì rí ní Swítsàlandì." Ọ̀rọ̀ yẹn mọ́gbọ́n dání, ó kúrú, ó sì dà bí ohun tí èèyàn máa gbọ́ tó bá jókòó síbẹ̀. Kò kàn jáde lẹ́nu Bronston ni. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ pé, "Ó ní iléeṣẹ́ nìkan ló ní àkáǹtì níbẹ̀." Bronston kò sọ "nìkan". Ẹni kẹta, tó ti mọ bí ìtàn ṣe parí, á kọ ọ́ pé, "Bronston yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀." Ìyẹn ti di ìdájọ́, wọn ò sì rán akọ̀wé ní ìdájọ́.

Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí: "Wọ́n bi í bóyá ó ní àkáǹtì ní báǹkì Swítsàlandì lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ní, 'Rárá, sà.' Wọ́n bi í bóyá ó ti ní in rí, ó dáhùn pé, 'Iléeṣẹ́ náà ní àkáǹtì kan níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, ní Zurich.' Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e dá lórí àwọn tó lè máa fi orúkọ ara wọn ní àkáǹtì fún un." Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Síbẹ̀, ẹni tó bá kà á máa rí àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, á sì rí i pé agbẹjọ́rò ti kọjá síbòmíràn. Bó bá fẹ́ ṣe nǹkan sí i, ó kù sí i lọ́wọ́.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí ń padà sí ibì kan náà: ìdáhùn ẹlẹ́rìí kì í dá dúró. Ìdajì rẹ̀ wà nínú ìbéèrè. Ẹni tó bá gé ìbéèrè kúrò láti fi àyè pamọ́ ti gé ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, kí ẹjọ́ tó dé iwájú adájọ́, agbẹjọ́rò lè pe ẹlẹ́rìí jókòó, kí ẹlẹ́rìí búra, kí tọ̀tún tòsì bi í ní ìbéèrè, kí akọ̀wé sì máa kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Òfin ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ fún wọn ní ọjọ́ kan, wákàtí 7, lórí ẹlẹ́rìí kan, àfi bí wọ́n bá jọ gbà láti ṣe é bí míì tàbí tí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ. Ohun tó ń jáde nínú wákàtí 7 lè ju 200 ojú ìwé lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà 25 ló máa ń wà lójú ìwé kan, tí nọ́ńbà á sì wà létí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀mí iṣẹ́ wa. Tí mo bá kọ 47:12, ojú ìwé 47, ìlà 12 ni mò ń wí, ẹnikẹ́ni tó bá sì ṣiyèméjì lè lọ wò ó níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí èmi fúnra mi hun, kí á lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn ní oríta. Ẹlẹ́rìí jẹ́ obìnrin kan tó dúró lẹ́bàá títì, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ ló kọ́kọ́ béèrè:

Ojú ìwé 47
3 Ìbéèrè: Iná wo ló ń tàn nígbà tí ọkọ̀ dúdú yẹn dé oríta?
4 Ìdáhùn: Mo rò pé pupa ni. Mi ò wo iná yẹn
5 tààrà.
6 Ìbéèrè: Ó dáa. Iná ti di pupa kí olùjẹ́jọ́ tó sáré wọ
7 oríta, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?
8 Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́: Mo tako bí ẹ ṣe gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀.
9 Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ó kan agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́:

Ojú ìwé 112
14 Ìbéèrè: Ṣé ẹ fojú ara yín rí iná náà?
15 Ìdáhùn: Àwọn ọkọ̀ tó kù ti dúró. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.
16 Ìbéèrè: Báwo ni ọkọ̀ dúdú náà ṣe ń sáré tó?
17 Ìdáhùn: Ó ń bọ̀ kíkankíkan. Mi ò lè sọ iye.

Ẹni tó bá ń kánjú máa kọ ọ́ báyìí: "Ẹlẹ́rìí jẹ́rìí pé iná ti di pupa kí olùjẹ́jọ́ tó sáré wọ oríta (47:9)." Nọ́ńbà wà níbẹ̀, ó sì tọ́. Tí a bá lọ wo 47:9, a máa bá "Bẹ́ẹ̀ ni" níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó jẹ́ kí irú àṣìṣe yìí le láti rí mú nìyẹn, torí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò á wo nọ́ńbà, á rí ìdáhùn, á sì kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ "sáré"? Agbẹjọ́rò ni. Ta ló sọ "ti di pupa"? Agbẹjọ́rò náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ti ẹnu obìnrin yìí jáde níbẹ̀, òun ni "bẹ́ẹ̀ ni", ó sì fi dáhùn ìbéèrè tó ru ohun méjì pọ̀, àwọ̀ iná àti eré ọkọ̀. Èwo nínú méjèèjì ló ń gbà? A ò mọ̀. Nígbà tó ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "mo rò pé" ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun ò wo iná náà tààrà. Èmi kò sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" kò jámọ́ nǹkan. Ẹ̀rí ni, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú ìsọníṣókí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú ìbéèrè tó bí i, kí òǹkàwé lè mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ wo.

Nítorí náà, ohun tí mo máa kọ nìyí. "Àwọ̀ iná: wọ́n bi í pé iná wo ló ń tàn, ó dáhùn pé, 'Mo rò pé pupa ni. Mi ò wo iná yẹn tààrà' (47:3–5). Agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ wá bi í pé, 'Iná ti di pupa kí olùjẹ́jọ́ tó sáré wọ oríta, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?' Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ tako ìbéèrè náà, ẹlẹ́rìí sì dáhùn pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni' (47:6–9). Nígbà tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ bi í bóyá ó fojú ara rẹ̀ rí iná, ó ní, 'Àwọn ọkọ̀ tó kù ti dúró. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀' (112:14–15). Eré ọkọ̀: 'Ó ń bọ̀ kíkankíkan. Mi ò lè sọ iye' (112:16–17)."

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè, kì í ṣe láti orí ìdáhùn. Mi ò kì í fi èyí ṣeré. Ẹ tún wo 112:15. Ẹlẹ́rìí kò sọ "rárá", kò sì sọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ó wù mí gan-an láti kọ ọ́ pé "ó gbà pé òun ò rí iná", nítorí ohun tó jọ pé ó ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n "jọ pé" ni. Irú ìdáhùn Bronston náà nìyí láìsí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀: wọ́n bi í ní ohun kan, ó fi ohun mìíràn dáhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ló yẹ kó dúró síbẹ̀.

Gbólóhùn tí wọ́n kọ pẹ̀lú ìkánjú yẹn tún ní ìṣòro kan tí ojú kì í tètè rí. Ó mú 47:9, ó fi 112:15 sílẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, ìsọníṣókí tó bá sì mú ohun tí ọ̀tún bá ẹlẹ́rìí sọ tó fi ti òsì sílẹ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, kódà kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí mo ṣe ń dán iṣẹ́ ara mi wò ni pé, kí n tó fi í ránṣẹ́, mo máa ń kà á bí ẹni pé agbẹjọ́rò ọ̀tá ni mí. Bí mo bá lè fòye gbé ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún mi látinú ohun tí mo kọ, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló sábà máa ń tú àṣírí yìí. "Ó ní" àti "ó sọ pé" kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. "Ó jẹ́wọ́" ti sọ ọ́ di ẹlẹ́bi. "Ó sẹ́" ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Ó ṣàlàyé" ń yá ẹlẹ́rìí ní ọgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni "ó láun" ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀ pé "ó ní, ó ní, ó ní" máa ń sú òǹkàwé. Ó sú èmi náà tó ń kọ ọ́. Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn, torí ẹni tó bá ń wá ẹwà èdè níbí máa fi ẹwà náà gbè sẹ́yìn ẹnì kan láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrántí tún wà, mo sì fẹ́ kí á dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. "Kò ṣẹlẹ̀", "mi ò mọ̀" àti "mi ò rántí" kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀ ti jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ náà, èèyàn sì lè gbé e lójú kò ó bí ìwé kan bá fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní òun ò rántí ṣì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: ìwé lè rán an létí lọ́la, kò sì ní tako ara rẹ̀. Tí wọ́n bá bi ẹlẹ́rìí pé, "Ṣé ẹ pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" tó sì dáhùn pé, "Mi ò rántí pé mo pè é," ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ó ní òun ò pè é" ti fi ẹnu ẹlẹ́rìí jẹ́rìí tí ẹlẹ́rìí kò jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bóyá", "bí mo ṣe mọ̀ ọ́n", "tó bá jẹ́ pé mi ò gbàgbé". Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ni ọwọ́ akọ̀wé máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nígbà tó bá ń dín ọ̀rọ̀ kù, àwọn náà sì ni agbẹjọ́rò máa kọ́kọ́ wá lójọ́ ìgbẹ́jọ́.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ló wá yẹ kí á fi sáàárín àmì àyọlò? Rárá. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀ lò, a kò sọ nǹkan kan ní ṣókí, a kàn da ìwé kọ ni. Ibi tó ń gbé, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lè fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ìwọ̀nyẹn ní gbólóhùn kan, kí n sì fi nọ́ńbà ìlà sí i. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé: ṣé àwọn méjèèjì ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àti pé ṣé ẹnì kan lè ka gbólóhùn yìí sí ẹlẹ́rìí létí níwájú adájọ́ pé, "Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí nìyí"? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, láìyọ, láìfikún. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọ̀ iná àti eré ọkọ̀ ni ìjà wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi yọ méjèèjì lò. Bó ṣe ṣàpèjúwe aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, gbólóhùn kan ti tó o, àfi bí ẹnì kan bá ń jiyàn pé kò sí níbẹ̀.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí akọ̀wé mọ̀ pé agbára òun pin. Ìwé kì í gbé ohùn. Bí ẹlẹ́rìí bá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn, tàbí tó ń sunkún, mi ò lè kọ ọ́ bí akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ kò bá kọ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá na ọwọ́, tó ní, "Ó jìnnà tó báyìí," tí agbẹjọ́rò kò sì béèrè bí ó ti jìnnà tó, "Ó jìnnà tó báyìí" náà ni mo máa kọ. N kò ní sọ ọ́ di mítà kankan. Tí wọ́n bá kọ "kò gbọ́ dáadáa" síbi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù, mo máa fi hàn pé ọ̀rọ̀ sọnù níbẹ̀, n kò ní fi òye tèmi dí i.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè yí padà. Lábẹ́ òfin 30(e) ti ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bí ẹlẹ́rìí tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣẹjọ́ bá béèrè fún un kí ìjẹ́rìí tó parí, ẹlẹ́rìí ní ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ fún un pé ìwé ti délẹ̀, láti kà á wò, kó sì kọ àtúnṣe rẹ̀ àti ìdí tó fi ṣe é sínú ìwé kan tó máa fọwọ́ sí. Àwọn ilé-ẹjọ́ kò fẹnu kò lórí bóyá ẹlẹ́rìí lè lo àyè yìí láti yí kókó ẹ̀rí rẹ̀ padà pátápátá. Àwọn kan gbà á láyè, àwọn mìíràn máa ń da irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nù. Ká ní obìnrin oríta yìí kọ ọ́ pé kí wọ́n yí "Mo rò pé pupa ni" padà sí "Pupa ni", tó sì ní ìdí rẹ̀ ni pé òun ti wá rántí dáadáa. Mi ò ní fi èyí tuntun rọ́pò ti àtijọ́, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé n kò rí i. Méjèèjì ló máa wà lójú kan náà: "47:4, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́rìí: 'Mo rò pé pupa ni.' Nínú ìwé àtúnṣe tó fọwọ́ sí: 'Pupa ni.' Ìdí tó kọ: 'Mo ti wá rántí dáadáa.' Ìwé àtúnṣe náà kò fọwọ́ kan 47:4–5, 'Mi ò wo iná yẹn tààrà.'"